Léèsì gípúọ̀, ṣàntílì àti kọ́ọ̀dù: bí a ṣe ń dá wọn mọ̀, àti bí a ṣe ń so òdòdó wọn pọ̀ tí ojú rírán fi ń pòórá

Ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni léèsì ti máa ń tú àṣírí ẹni tó rán an. Iwájú lè dára, kí ẹ̀yìn náà dára, ṣùgbọ́n láti abíyá dé ìdí, ìlà kan á gùn gbọọrọ sílẹ̀. Òdòdó iwájú dé ibẹ̀, ó gé sí méjì. Ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ewé. Etí aṣọ tí wọ́n rán sínú náà á sì máa hàn síta bí òjìji, nítorí ihò tó wà lára léèsì kò bo nǹkan kan. Ohun tó fà á ni pé wọ́n tẹ̀ lé ìlà pátáànì gé léèsì, wọ́n wá kojú rẹ̀ síra rán an bí aṣọ tí kò ní ihò. Léèsì kì í gba bẹ́ẹ̀. Etí òdòdó ni ojú rírán gbọ́dọ̀ máa bá lọ, kó máa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó má rí ìlà kankan dì mú.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la ó fi ṣe àpẹẹrẹ: láti abíyá dé ìdí gáùn tó fún mọ́ra, ínǹṣì 17, lára léèsì kọ́ọ̀dù. Kọ́ọ̀dù la mú nítorí pé òun ló máa ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ jù. Ibi tí gípúọ̀ àti ṣàntílì ti yàtọ̀ yóò tẹ̀ lé e.

Ohun tí a nílò

- Àlùmọ́gàjí kékeré tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, tó sì mú dé góńgó. Èyí tí góńgó rẹ̀ ti kú máa ń fa òwú dípò kó gé e.
- Abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó tín-ín-rín, nọ́ńbà 9 tàbí 10.
- Abẹ́rẹ́ máṣíìnì tuntun: nọ́ńbà 70 fún ṣàntílì àti kọ́ọ̀dù, 80 fún gípúọ̀.
- Òwú pọ́lísítà tín-ín-rín tó bá àwọ̀ léèsì mu, àti òwú mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá fún àmì àti tákì. Tákì ni rírán jìnnàjìnnà tí a ó tú nígbẹ̀yìn.
- Píìnì tó tín-ín-rín tí orí rẹ̀ tóbi, kó má bàa gba inú ihò léèsì bọ́ sọnù.
- Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rọrùn láti fà ya.
- Aṣọ ìnura tó nípọn, fún áyọ́ọ̀nù.
- Aṣọ dúdú kan láti tẹ́ sórí tábìlì bí léèsì bá jẹ́ funfun, tàbí funfun bí léèsì bá dúdú. Láìsí i, ojú kò ní rí ibi tí òdòdó parí sí.

Nípa àwọ̀ òwú: má ṣe fi odindi rílì wé léèsì. Fa òwú ẹyọ kan jáde, tẹ́ ẹ sórí léèsì nígbà tí láínì, ìyẹn aṣọ abẹ́ léèsì, wà lábẹ́ rẹ̀, kí o sì wò ó. Bí àwọ̀ méjì bá sún mọ́ra, mú èyí tó ṣókùnkùn díẹ̀. Òwú tó mọ́lẹ̀ ju léèsì lọ ló máa ń tàn síta.

1. Fi ọwọ́ dá léèsì mọ̀, má ṣe fi orúkọ rẹ̀ dá a mọ̀

Orúkọ máa ń ṣini lọ́nà níbí. Ọ̀pọ̀ ló ń pe gípúọ̀ ní kọ́ọ̀dù nítorí pé òwú rẹ̀ nípọn bí okùn. Gígé àwọn méjèèjì kò sì jọra rárá. Gbé léèsì náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí o wo àárín òdòdó kan sí èkejì.

Bí kò bá sí nǹkan kan láàárín wọn ju ihò gbayawu lọ, tó jẹ́ òwú kúkúrú bí afárá ló so òdòdó mọ́ òdòdó, gípúọ̀ ni. Ó máa ń wúwo, ó máa ń ga sókè, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Orí aṣọ kan ni wọ́n ti ń kó iṣẹ́ náà sí, wọ́n á wá yọ́ aṣọ ọ̀hún dànù, kó lè ku òwú nìkan. Ìdí nìyẹn tí inú òdòdó gípúọ̀ kò fi gba gígé: kò sí aṣọ lábẹ́ tí yóò di òwú náà mú.

Bí nẹ́ẹ̀tì bá wà láàárín òdòdó, ṣàntílì tàbí kọ́ọ̀dù ni. Fi èékánná wọ́ etí òdòdó náà. Ti ṣàntílì á tẹ́jú. Òwú tó yí òdòdó rẹ̀ ká rọ̀, ó pẹlẹbẹ, inú nẹ́ẹ̀tì ló sì wà. Nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tín-ín-rín, ihò rẹ̀ ní igun mẹ́fà, etí aṣọ náà sì sábà máa ń ní òwú wẹ́wẹ́ tó yọ síta bí irun ìpéǹpéjú. Ní ti kọ́ọ̀dù, èékánná á kọ́ okùn tó dúró lórí òdòdó. Ti góńgó abẹ́rẹ́ sí abẹ́ okùn yìí, wàá rí i pé ó ṣeé gbé sókè díẹ̀. Yí i padà: ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́jú ju iwájú lọ.

Àyẹ̀wò: gé ẹ̀já kékeré kan láti etí tí a kò ní lò, kí o gé e kọjá lórí òdòdó, kí o sì fa ojú ibi tí o gé. Bí okùn kan bá ń yọ jáde lódindi, kọ́ọ̀dù ni. Bí gbogbo òdòdó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúkẹ́fúkẹ́, gípúọ̀ ni. Bí kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣàntílì ni.

2. Rán láínì kọ́kọ́, kí o sì wọ̀ ọ́ wò

Ibí yìí ni àwọn tó ti mọ iṣẹ́ náà ṣì máa ń kùnà. Bí a bá ti gé etí òdòdó, a kò lè tú ẹ̀gbẹ́ náà sílẹ̀ kó gbòòrò mọ́. Nítorí náà láínì ni ká fi wo ara ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Tún un ṣe títí á fi bá a mu, gbé gbogbo àtúnṣe náà padà sórí pátáànì, ìgbà náà la tó lè fọwọ́ kan léèsì.

Láínì yìí náà ni yóò máa gba agbára. Léèsì tó fún ju láínì rẹ̀ lọ á ya létí òdòdó lọ́jọ́ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jókòó. Rán ẹ̀gbẹ́ láínì lọ́tọ̀, rán ti léèsì lọ́tọ̀, kí o sì so wọ́n pọ̀ ní ọrùn àti abíyá nìkan.

Àyẹ̀wò: pẹ̀lú láínì nìkan lára, kí ẹni náà jókòó, kó sì gbé ọwọ́ sókè. Ibi tó bá ti fà, tú u níbẹ̀ báyìí.

3. Tẹ́ pátáànì, kí o sì fi òwú sàmì

Tẹ́ léèsì ní ẹyọ kan. Má ṣe ṣẹ́ ẹ po, nítorí òdòdó tó wà lábẹ́ kò ní bá tòkè dọ́gba. Pátáànì iwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi.

Wọn ibi tí òdòdó kan ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí irú rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ká ní ínǹṣì 12 ni. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìlà ìbàdí iwájú bọ́ sí àárín òdòdó ńlá. Ìlà ìbàdí ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín òdòdó ńlá irú rẹ̀, kódà bó bá gba pé ká fi ínǹṣì díẹ̀ lára léèsì ṣòfò. Ìdí nìyí tí aṣọ irú èyí fi máa ń gba léèsì tó fi bí ìwọ̀n òdòdó kan ju ti ìgbàkigbà lọ.

Fi òwú tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ṣe tákì lórí ìlà tó yẹ kí ojú rírán gbà gan-an, níwájú àti lẹ́yìn, kí o sì sàmì ìbàdí. Ṣọ́ọ̀kì kò wúlò níbí. Inú ihò ló máa ń bọ́ sí. Lẹ́yìn náà gé wọn gbẹ̀ẹ́rẹ́: iwájú, fi ínǹṣì 3 kọjá ìlà, ẹ̀yìn, fi ínǹṣì 1 kọjá ìlà. Iwájú ni yóò gun orí ẹ̀yìn, nítorí pé iwájú ni àwọn èèyàn máa ń kojú sí. Bí etí kan bá fẹ́ hàn rárá, kó yà sẹ́yìn.

Àyẹ̀wò: gbé ìlà òwú iwájú lé ti ẹ̀yìn, àmì ìbàdí lórí àmì ìbàdí. Dúró jìnnà díẹ̀. Òdòdó ńlá méjèèjì yẹ kó wà lórí ìlà kan náà. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ ní ìdajì ínǹṣì, àlùmọ́gàjí kò lè tún un ṣe. Tún un gé.

4. Gé etí òdòdó iwájú

Kó tó di pé o gé, fi òwú tàbí píìnì to ọ̀nà tí àlùmọ́gàjí yóò gbà. Ọ̀nà náà lè yọ kọjá ìlà sí ìhà ẹ̀yìn bí òdòdó bá ṣe yọ tó. Ṣùgbọ́n kó má ṣe wọnú ìhà iwájú ju ìdajì ínǹṣì lọ, torí pé ínǹṣì 1 péré la fi sílẹ̀ lára ẹ̀yìn láti wà lábẹ́ rẹ̀.

Lára ẹ̀gbẹ́ tí a ń wò yìí, òdòdó kan wà ní ínǹṣì 2 sísàlẹ̀ abíyá tó yọ kọjá ìlà ní ínǹṣì 2 àti ààbọ̀. Odindi rẹ̀ la ó dá sí, a kò ní gé e sí méjì. Láti ibẹ̀, ẹ̀ka ewé kan sọ̀ kalẹ̀ dé òdòdó ńlá ìbàdí. A ó tẹ̀ lé etí ewé náà. Láti ínǹṣì 11 sí 14, nẹ́ẹ̀tì lásán ló wà. Má ṣe gé e tààrà níbẹ̀, ìlà yẹn ni yóò hàn jù lọ lára aṣọ. Gé e kó wọ́ díẹ̀díẹ̀, kí o sì gé ewé kan lódindi láti inú ẹ̀já léèsì tó kù, kó dúró de ìgbà tí a ó fi bò ó.

Fi nẹ́ẹ̀tì bíi mìlímítà 2 sílẹ̀ ní ìta okùn. Bí o bá gé e mọ́ okùn pátápátá, òwú tó dì í mú á gé, okùn á sì dìde. Níbi tí ọ̀nà rẹ bá ti gbọ́dọ̀ la okùn kọjá, má ṣe gé okùn náà níbẹ̀. Tú u díẹ̀ kúrò lára òdòdó, gé e kó ṣẹ́ku ínǹṣì kan tàbí díẹ̀ sí i, fi abẹ́rẹ́ fa ìrù náà gba inú nẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn, kí o sì fi ojú abẹ́rẹ́ 4 tàbí 5 so ó mọ́ ẹ̀yìn òdòdó. Ẹ má fi iná jó o. Pọ́lísítà tó bá yọ́ á di kókó líle tí yóò máa họ ara ẹni tó wọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù náà kò dára, ó máa ń gan, ó sì máa ń dán láti ìta.

Àyẹ̀wò: di etí tí o gé mú, kí o gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́. Okùn kankan kò gbọdọ̀ jù.

5. Gbé e lé ara, kí o sì tákì

Tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, ojú rẹ̀ sókè. Gbé iwájú lé e, ojú rẹ̀ náà sókè, kí ìlà òwú méjèèjì bára wọn. Láti ìbàdí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi píìnì mú un, kí o lọ sókè, kí o tó lọ sísàlẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti abíyá, gbogbo àṣìṣe kéékèèké á kóra jọ sí ìdí.

Ìbàdí wọnú, òdòdó ńlá tó wà níbẹ̀ sì pẹlẹbẹ, nítorí náà ó máa ń ṣẹ́ sókè. Fi góńgó àlùmọ́gàjí gé nẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ewé òdòdó náà wọnú díẹ̀ ní ojú méjì tàbí mẹ́ta, kí ewé kọ̀ọ̀kan lè sùn lọ́tọ̀. Nẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí o gé, má ṣe gé okùn.

Bí òdòdó iwájú bá gun orí òdòdó ẹ̀yìn, jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀ ná. A ó gé ti abẹ́ kúrò lẹ́yìn rírán. Ṣe tákì káàkiri, ní mìlímítà 5 sínú etí òdòdó.

Àyẹ̀wò: wọ̀ ọ́ sórí láínì, lára ẹni náà tàbí lára ère ìránṣọ. Bí òdòdó kan bá wú, tú tákì ibẹ̀ nìkan, kí o sì tún un tẹ́.

6. Rán an

Ọwọ́ ló dára jù fún kọ́ọ̀dù. Jẹ́ kí abẹ́rẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, kó gun orí nẹ́ẹ̀tì mìlímítà 2 náà, kó tún wọlé lábẹ́ okùn. Ojú abẹ́rẹ́ kan sí èkejì, mìlímítà 3 sí 4. Má ṣe fà á le. Nẹ́ẹ̀tì tó fún á ká jọ, ẹ̀gbẹ́ á sì kúrú ju láínì lọ.

Bí máṣíìnì lo fẹ́ lò, sígísáàgì ni: ìbú mìlímítà 1 àti ààbọ̀, gígùn mìlímítà 1. Dẹ òwú òkè díẹ̀. Tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ léèsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ihò tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ á gbé nẹ́ẹ̀tì mì. Jẹ́ kí ojú kan sígísáàgì bọ́ sínú òdòdó, kí èkejì bọ́ sórí nẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ máṣíìnì máa ń ti okùn kúrò ní àyè rẹ̀, nítorí náà rọra lọ, kí o gbé ẹsẹ̀ náà sókè níbi igun kọ̀ọ̀kan nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Parí èyí kí o tó gbé ewé tí a dá sí lé ibi tó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì lásán, láti ínǹṣì 11 sí 14. Gbé e sí ìdábùú, kó dùbúlẹ̀ kọjá ojú rírán, kí o sì fi ọwọ́ rán an yíká.

Àyẹ̀wò: fa ẹ̀gbẹ́ náà sí apá méjì pẹ̀lú agbára díẹ̀. Ihò kò gbọdọ̀ là láàárín ojú abẹ́rẹ́. Bó bá là, ojú abẹ́rẹ́ rẹ jìnnà jù níbẹ̀.

7. Gé ohun tó wà lábẹ́ kúrò

Yí aṣọ náà padà. Léèsì ẹ̀yìn tó wà lábẹ́ òdòdó iwájú kò wúlò mọ́. Gé e kúrò, kí o fi mìlímítà 3 sílẹ̀ sí ojú rírán. Fi ìka ọwọ́ òsì ya ìpele méjèèjì, kí ìka rẹ sì wà láàárín wọn ní gbogbo ìgbà tí àlùmọ́gàjí ń lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń gé òdòdó òkè. Bí o bá fi ju mìlímítà 3 lọ, nẹ́ẹ̀tì oníméjì á ṣókùnkùn, a ó sì rí i láti ìta. Bí o bá gé okùn lábẹ́ níbí, fi ojú abẹ́rẹ́ díẹ̀ dì í bíi ti ìpele 4.

Tẹ́ aṣọ ìnura, da ojú léèsì délẹ̀ lórí rẹ̀, kí o sì fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ooru omi. Tẹ̀ ẹ́, gbé e kúrò. Má ṣe wọ́ ọ. Kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀já, nítorí nẹ́ẹ̀tì náílọ́ọ̀nù máa ń yọ́.

Àyẹ̀wò: yọ gbogbo òwú àmì, gbé ẹ̀gbẹ́ náà sí ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ á fi gbogbo ibi tó jẹ́ ìpele méjì hàn ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ibi tí gípúọ̀ ti yàtọ̀

Afárá la máa ń gé, ní àárín rẹ̀ gan-an, kí ìdajì lè kù lára òdòdó kọ̀ọ̀kan. Bí o bá gé e mọ́ òdòdó, ibi tó ti jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Gípúọ̀ nípọn, nítorí náà òdòdó méjì kò gbọdọ̀ gun ara wọn. Tò wọ́n létí sí etí bíi pé inú aṣọ náà ni wọ́n ti wá, kí o sì fi ọwọ́ rán wọn pọ̀ níbi tí wọ́n ti fara kanra, ojú abẹ́rẹ́ 3 sí 4 ní ibi kọ̀ọ̀kan. Níbi tí àlàfo bá ti kù, fi òwú oníméjì ṣe afárá tuntun: na án lẹ́ẹ̀mejì láti òdòdó sí òdòdó, kí o sì fi òwú náà wé e títí yóò fi nípọn bí àwọn tó wà lára aṣọ. Bí gígé inú òdòdó bá di dandan, rán sígísáàgì tó sún mọ́ra ní ìhà méjèèjì ìlà náà kí o tó gé e.

Ibi tí ṣàntílì ti yàtọ̀

Ìpele kan náà ni bíi kọ́ọ̀dù, àfi pé kò sí okùn láti dá sí, nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í sì í tú. A lè gé e sún mọ́ etí òdòdó, kó ku mìlímítà 1. Ìṣòro tirẹ̀ ni fífà: nẹ́ẹ̀tì tó tín-ín-rín tó báyìí máa ń gùn bí a bá gbé e sókè pẹ̀lú píìnì lára. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, orí tábìlì ni ká ti ṣe é, kí aṣọ má ṣe fì lẹ́bàá tábìlì nígbà tí a bá ń tákì. Níwọ̀n bí ohun gbogbo ti ń hàn lára ṣàntílì, ìdí òwú pàápàá kò gbọdọ̀ wà lórí nẹ́ẹ̀tì. Bẹ̀rẹ̀ òwú kọ̀ọ̀kan, kí o sì parí rẹ̀, lẹ́yìn òdòdó tó kún jù lọ ní tòsí, pẹ̀lú ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké 2 lórí ara wọn dípò kókó.